Ta ló ń pín ìpè lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ `Available`?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Lánàá, bí mo ṣe tẹ `Available` báyìí ni ìpè wọlé. Lónìí, mo jókòó títí kí ó tó kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ló ń pín in, òṣìṣẹ́ tó bá sì ti pẹ́ jù lórí ìdúró ló sábà máa ń fún. Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi wọlé kò tíì fi yín sórí ìlà. Ó kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti irú ìpè tí wọ́n ní kí ẹ máa gbà ni. Níbi púpọ̀, `Not Ready` tàbí `Offline` lẹ máa bá lójú kọ̀ǹpútà, ìpè kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wà níbẹ̀.

Ìgbà tí ẹ bá tẹ `Available` ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò yín. Bí oníbàárà bá ti ń dúró nígbà náà, ìpè á dé lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá nìyẹn. Bí kò bá sí, ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lẹ máa tò sí.

Ká ní ọwọ́ ẹnì kan ti dilẹ̀ láti aago 8:01, ti èkejì láti 8:03, ti ẹ̀kẹta láti 8:04, tí ẹ̀yin wá tẹ `Available` ní 8:05. Ìpè kẹrin ni tiyín. Kódà bí ẹni àkọ́kọ́ bá tètè parí tirẹ̀, ẹ̀yìn yín ló máa padà sí. Àfi bí ìpè kan bá nílò èdè tàbí ìmọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní i, ìgbà yẹn lẹ máa fo àwọn yòókù. Ẹ má ṣe máa bọ́ sí `Break` kí ẹ tún padà láìnídìí, nítorí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ìlà lẹ tún máa bá ara yín.

Bí ìpè bá wá dún, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Lórí Amazon Connect, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó ń pín ìpè, ìṣẹ́jú-àáyá 20 péré lẹ ní láti gbà á. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á wá ẹlòmíràn fún oníbàárà náà, á sì gbé yín sí `Missed`. Ìpè mìíràn kò ní wá títí ẹ ó fi tẹ `Available` padà fúnra yín. Níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé ìpè fúnra rẹ̀, ohùn ṣókí kan lẹ máa gbọ́, oníbàárà á sì ti wà létí yín. Nítorí náà, ẹ ti gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì wọ̀, kí ẹ sì ti dán an wò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá ń dún léraléra tí tiyín dákẹ́ jẹ́ẹ́, ipò tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Genesys Cloud, tí òun náà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń pín ìpè, `Available` nìkan kò tó: `On Queue` ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ìpè oníbàárà tó lè wá.