Láptọ́ọ̀pù wà lórí iná, bátìrì ò gbà á

Láptọ́ọ̀pù Dell mi ń kọ “Plugged in, not charging”. Ṣé ṣájà ni, bátìrì ni, àbí ètò inú rẹ̀?

Ẹ wo iye tó dúró sí. Bó bá ń dúró ní 80% lójoojúmọ́, ètò ni: ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn, ẹ wọ Battery Configuration, kí ẹ yan Standard.

Bó bá dúró nísàlẹ̀ 80%, ẹ wo iye wáàtì ṣájà nínú ojú ewé tí F2 ṣí náà. Bó bá kọ Unknown, ṣájà tàbí ojúhò rẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ṣájà ló ń sọ iye wáàtì; bó bá ṣẹ́, láptọ́ọ̀pù á ṣiṣẹ́, bátìrì ò ní gbaná.

Bí wáàtì bá pé, ó ku bátìrì. Ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú Command Prompt, kí ẹ sì ṣí fáìlì ìròyìn tó bá gbé jáde:

```
powercfg /batteryreport
```

Bí FULL CHARGE CAPACITY ò bá tó ìdajì DESIGN CAPACITY, ó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.