Àdéhùn ilé olójú ìwé 23 àti mọ́dẹ́lì tí kò kà á tán

Ẹnì kan béèrè pé: Ẹ̀yin ará, ọ́fíìsì wa kéré, àwa mẹ́fà ni, ìwé àwọn oníbàárà ló sì kún ọwọ́ wa. Ṣé ká gbé mọ́dẹ́lì AI tó ń bá èèyàn ka ìwé sórí kọ̀ǹpútà tiwa ni, àbí ká máa sanwó fún ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn tèmi rèé: tó bá jẹ́ pé owó lẹ fẹ́ dín kù, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì lọ́yà kan n'Íbàdàn, mo sì ti ṣírò rẹ̀ títí ó fi sú mi. Àdéhùn ilé olójú ìwé 23 máa ń tó nǹkan bíi 15,000 tókìn, ìyẹn àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí mọ́dẹ́lì ń kà. Ká ní ogójì irú rẹ̀ là ń kà lóṣù, 600,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá ń gba dọ́là 3 lórí mílíọ̀nù kan tókìn tó wọlé, kò pé dọ́là 2. Èyí tí mọ́dẹ́lì ń kọ jáde máa ń wọ́n jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ àkópọ̀ kì í gùn. Káàdì àwòrán RTX 3060 tí a rà kí mọ́dẹ́lì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwa, ká má tíì dárúkọ ínfátà àti bátìrì, owó rẹ̀ kò ní padà wálé láyé ńbí.

Àṣírí ló mú wa rà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọ́fíìsì gbé ìwé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ oníbàárà kan, torúkọtorúkọ, sínú àkáǹtì ọ̀fẹ́ tirẹ̀ lórí mọ́dẹ́lì orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá béèrè pé ibo ni ìwé náà wà báyìí, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì béèrè pé kẹ́ ẹ ní ìdí tó bófin mu kẹ́ ẹ tó gbé dátà ẹni lọ sí òkè òkun. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ àti èyí tí iléeṣẹ́ sanwó fún kì í ní àdéhùn kan náà, torí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé yín kẹ́ ẹ tó dá wọn lẹ́bi.

Bí mo ṣe gbé Ollama, ètò tó ń jẹ́ kí mọ́dẹ́lì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni, àti mọ́dẹ́lì kékeré kan tó ń jẹ́ llama3.1:8b sórí ẹ̀rọ wa, inú mi dùn, àfi ìgbà tí ìtìjú dé. A fún un ní àdéhùn ilé kan, a ní kó sọ ìgbà tí onílé lè fowó kún owó ilé. Ó ní kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé kẹrin ló wà, ó hàn kedere! Mo rò pé mọ́dẹ́lì kékeré ni, kò gbọ́n. Ọjọ́ kejì ni mo yẹ lọ́ọ̀gì wò, mo rí `truncating input prompt`. Tókìn 2048 péré ni Ollama ń gbà nígbà náà bí èèyàn ò bá yí i padà. Apá ìparí ló kà, ó ti ju iwájú nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wò ó sàn rèé, inú fáìlì kan tó ń jẹ́ Modelfile la kọ ọ́ sí, num_ctx sì ni iye tókìn tí mọ́dẹ́lì lè gbà lẹ́ẹ̀kan:

```
FROM llama3.1:8b
PARAMETER num_ctx 16384
```

```
ollama create adehun -f Modelfile
```

Láti ìgbà yẹn, `adehun` la ń pè dípò llama3.1:8b. Àyè tẹ́ ẹ fẹ̀ yìí náà ń jẹ mẹ́mórì káàdì. Mọ́dẹ́lì yẹn gba bíi gígábáìtì 5, 16384 tókìn sì fi 2 lé e, nítorí náà ó wọ inú 12 tí káàdì wa ní dáadáa. Mo ṣojúkòkòrò, mo gbé mọ́dẹ́lì tó tóbi jù ú lọ, qwen2.5:14b, wá: 9 fún òun fúnra rẹ̀, 3 fún àyè ìwé kíkà, inú káàdì kún àkúnya. Ìyókù bọ́ sórí kọ̀ǹpútà gan-an, ó wá ń kọ̀wé bí ìgbín. `ollama ps` ló máa fi hàn yín: tẹ́ ẹ bá rí ohun mìíràn yàtọ̀ sí 100% GPU, ìyẹn pé káàdì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹrù ti wúwo jù.

Ní ti ọgbọ́n, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣíwájú. Èyí tó wà nílé máa ń wá ọjọ́, iye owó àti orúkọ jáde nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìṣe wàhálà. Kí ó fi àdéhùn méjì wéra, kó sọ ibi tí wọ́n ti takora, ibẹ̀ ló ti máa ń purọ́ fún wa. Yorùbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò níwájú oníbàárà. Àmì ohùn á sọnù, gbólóhùn á sì di àmúlùmálà.

Báyìí, ìwé tó bá ti ní orúkọ èèyàn kò jáde kúrò nílé. Ìbéèrè òfin tí kò dárúkọ ẹnì kan, tàbí lẹ́tà tó le láti kọ, a máa ń gbé e lọ sí àkáǹtì tí ọ́fíìsì sanwó fún. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ óò yí ètò Ollama tó ń jẹ́ `OLLAMA_HOST` padà kó lè gbọ́ tàwọn yòókù. Ollama kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má ṣí ojú ọ̀nà 11434 tí Ollama ń lò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì fi oníbàárà tó jókòó ní pálọ̀ sórí Wáì-Fáì kan náà.