Táyà tó ń lẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ẹ wo etí rímù kí ẹ tó fowó ránṣẹ́

"Ẹ̀yin ará ilé, ọkọ̀ mi wà lọ́wọ́ àbúrò mi n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni táyà ẹ̀yìn kan ń lẹ̀. Fọkanáísà ní òun ò rí ìṣó, kí n fowó táyà tuntun ránṣẹ́. Ṣé kí n san án?"

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ o! Owó táyà méjì ni mo fi ṣòfò kí n tó gbọ́n. Tèmi wà l'Ábẹ́òkúta lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ti fi táyà yẹn jẹun lára ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé òun ló lu ú. Mo ra tuntun, ọjọ́ kẹrin ó tún lẹ̀. Ṣebí orí rímù àtijọ́ náà ni wọ́n tún fi í sí?

Fọkanáísà ti ri táyà bọ inú omi o, àmọ́ ó yí i wéré, ó gbé e jáde. Èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ kì í yọjú báyẹn.

Mo bá pe ẹ̀gbọ́n lórí fídíò. Mo ní kí wọ́n fún táyà ní afẹ́fẹ́ dé 35 psi, kí wọ́n po ọṣẹ ìfọṣọ olómi díẹ̀ mọ́ omi, kí wọ́n kọ́kọ́ kán an sẹ́nu fáàfù. Kò hó. Wọ́n dà á yí ojú táyà ká, kò hó. Wọ́n wá gbé táyà náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rímù rẹ̀, wọ́n da omi ọṣẹ sí kòtò tó wà láàárín etí táyà àti etí rímù títí ó fi dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń kùn pé òun fẹ́ lọ jẹun. Mo ní ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Apá iwájú, òfo. Wọ́n yí i dojú dé: ní apá inú tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ìhó funfun kéékèèké ń wú jáde, ó gùn tó ìka mẹ́rin, bí ìhó ẹ̀kọ tó ń sè.

Nígbà tí wọ́n bọ́ táyà, etí rímù ibẹ̀ ti jẹ, ó ní ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, ọ̀dà sì ti ń ṣí. Rímù alumíníọ́ọ̀mù tòkunbọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lókè òkun níbí máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí yóò fi dán, yíká, kì í ṣe ojú kan nìkan. Kí wọ́n nu etí táyà náà, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú ti etí táyà pa á, kí wọ́n tó dá a padà. Kí wọ́n má ha á jù. Bí ìhó bá ń jáde lára irin rímù fúnra rẹ̀, ó ti sán nìyẹn, ẹ pa rímù dà. Ẹ má gbà kí wọ́n ti túbù bọ̀ ọ́.

Tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì a wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn: 34. Táyà tuntun méjì yẹn ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n.