Má yọ ẹ̀fẹ̀ náà, tún un sọ

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó, èmi ni màá sì sọ̀rọ̀ níbi àpèjẹ. Ohun tí mo kọ nìyí: "Àbúrò mi kì í tètè dé ibikíbi. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti dúró dè é títí tó fi sú wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ní sùúrù. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló ń jókòó tì mí lóru títí oorun á fi gbé mi lọ." Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀fẹ̀ náà ti le jù. Ṣé kí n yọ ọ́ pátápátá ni?

Rárá, àbúrò mi, má yọ ọ́. Pípẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Gbogbo ẹni tó mọ àbúrò rẹ ló máa rẹ́rìn-ín, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ni wàhálà. Bí o bá ti mẹ́nu bà wọ́n, àwọn àna yín á máa rò ó lọ́kàn pé àwọn wo nìyẹn, ojú á ti ìyàwó, nígbà tí o bá sì fi máa dé orí ọ̀rọ̀ bàbá yín, ọkàn wọn ò ní sí lọ́dọ̀ rẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn náà ò dáa: ó sọ àbúrò rẹ di ẹrù tí ọkọ ń rù.

Ìwọ ni kí ẹ̀fẹ̀ náà bá, kó má bá a. Bí màá ṣe kọ ọ́ rèé:

"Àbúrò mi kì í tètè dé ibikíbi. Èmi ni kí ẹ bi, ẹnu ọ̀nà ni mo ti lo ìdajì ìgbà èwe mi, tí mo ń pariwo pé kó máa bọ̀. Àmọ́ lóru ọjọ́ tí bàbá wa kú, kò pẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, òun ló sì ń jókòó tì mí lóru títí oorun á fi gbé mi lọ. Ọkọ ìyàwó, ó lè pẹ́ kó tó jáde nílé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ara bá ni ọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ ni wàá ti rí i."

Èmi ni mo fi "kọ́kọ́ dé" sí i. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, yọ ọ́, torí àwọn ẹbí tó wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ náà á mọ̀. Ọ̀rọ̀ pé ó ń jókòó tì ọ́ lóru, n kò fọwọ́ kàn án. Tí o bá ti sọ pé "kò pẹ́", dákẹ́ díẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, má ṣe ẹ̀fẹ̀ mìíràn mọ́. Má sì sọ pé "eré ni mo ń ṣe o", torí ìyẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ta.

Kí ọjọ́ tó pé, ka gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ sí àbúrò rẹ létí. Tó bá rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀, ó ti bọ́ sí i. Tó bá ní "ṣé wàá sọ ìyẹn lóòótọ́?", yọ wọ́n. Bó bá sì lọ pẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, tí àwọn àlejò ti jókòó títí tó fi sú wọn, fò wọ́n, yọ "kò pẹ́" náà, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá yín.