Fọ́tò alẹ́ ló kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò

"Ẹ̀yin àǹtí mi, fídíò mékọ́ọ̀pù tí mo ń gbé sórí Instagram ń rí ẹni wò ó, wọ́n ń tẹ ọkàn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí síṣẹ́. Kí ni mo lè kọ sábẹ́ ẹ̀ tí yóò kọ́ wọn ní nǹkan, tí yóò sì mú iṣẹ́ wá?"

Àbúrò mi, mú ohun kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ rí lẹ́nu iṣẹ́, kí o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tèmi ni abẹ́ ojú tó ń funfun nínú fọ́tò alẹ́, òun ni fídíò tó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ gidi wá fún mi, nítorí náà òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyàwó kan ni, n'Ìbàdàn níbí. Ọ̀sán ni ìdána, àríyá sì wọ alẹ́. Mo da atíkè tí kò láwọ̀ bo abẹ́ ojú ẹ̀ dáadáa, mo jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 10, mo wá gbọ̀n ọ́n kúrò. Ó jọ̀lọ̀, kò sẹ́ni tó rí àbùkù kankan nínú ilé. Ọjọ́ kẹta ni fọ́tò dé. Gbogbo èyí tí wọ́n fi fìlàáṣì yà lálẹ́, abẹ́ ojú ìyàwó funfun báláú bí ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn, ọrùn ẹ̀ sì dúdú bó ṣe wà. Ìyá ẹ̀ pè mí, kò tiẹ̀ pariwo: "Ọmọ mi, ṣé o ti rí ohun tí o ṣe sójú ọmọ mi?" Mo dá ìdajì owó padà. Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn ló dùn mí jù, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa tún ìdána ṣe kí wọ́n lè yà á padà.

Ohun tó fà á ni mo lọ wádìí. Atíkè tí kò láwọ̀ yẹn, sílíkà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ní ọ̀sán, ibi gbogbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, ojú wa kì í rí i. Fìlàáṣì ní tiẹ̀, iwájú kámẹ́rà gan-an ló ti jáde, atíkè á sì dá a padà sínú kámẹ́rà bó ṣe rí, ni yóò bá hàn ní funfun. Àwọn ìpara ìdáàbòbò oòrùn tó ní síǹkì tàbí títéníọ́mù nínú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo atíkè tó ní sílíkà ló máa hàn o. Bó ṣe pọ̀ sí àti bó ṣe nípọn sí lójú ló ń pinnu ẹ̀. Èyí tó mú un ṣòro láti mọ̀ ni pé iná ríńgì tí a fi ń ṣe fídíò kì í sábà fi hàn. Bí o bá ń wo fídíò ara ẹ nìkan, o ò ní mọ̀ láéláé.

Ìdí nìyẹn tí fídíò mi fi ní fọ́tò nínú. Ojú kan náà ni mo lò: abẹ́ ojú òsì gba atíkè tí kò láwọ̀, ó pọ̀, ti ọ̀tún gba díẹ̀ lára èyí tó láwọ̀ ara ẹni náà. Mo fi méjèèjì hàn níwájú fèrèsé, wọ́n jọra. Mo pa iná yàrá, mo tan fìlàáṣì fóònù, mo jìnnà díẹ̀, mo yà á. Fọ́tò yẹn ni mo gbé sí iwájú fídíò pátápátá, kí ẹni tó ń fi ìka ti fóònù lọ lè dúró. Má fi fílítà kankan sí i. Bí o bá fi sí i, o ti ba ẹ̀rí ara ẹ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀ nìyí:

"Abẹ́ ojú rẹ ń funfun nínú fọ́tò alẹ́? Atíkè ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe fáùndéṣọ̀n. Kí o tó jáde nílé, pa iná yàrá, tan fìlàáṣì, kí ẹnì kan yà ọ́. Bí abẹ́ ojú bá mọ́ ju ọrùn lọ, fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, fi fóòmù tó tutù díẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí o wá fi atíkè aláwọ̀ ara rẹ díẹ̀ lé e. Yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó tí àríyá rẹ máa wọ alẹ́, mo máa ń ya fọ́tò yìí fún ọ kí n tó palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ìbàdàn ni mo wà. Fi ọjọ́, àdúgbò àti iye ojú tí a máa ṣe ránṣẹ́ sí mi. Líǹkì WhatsApp wà lókè ojú ìwé mi."

Wo ìlà àkọ́kọ́. Instagram kì í fi gbogbo ọ̀rọ̀ hàn; ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí kí wọ́n tó tẹ `more`. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọjá lọ. Ní báyìí ohun tó ń dùn wọ́n àti ìdí ẹ̀ ló ń ṣíwájú. Mo sì fún wọn ní gbogbo àtúnṣe náà. Àwọn kan rò pé tí a bá sọ gbogbo ẹ̀, wọn ò ní pè wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó kì í ṣe ojú ara ẹ̀ láàárọ̀ ìdána. Ó fẹ́ mọ̀ pé ẹni tí òun máa gbà mọ ohun tó lè bàjẹ́ ni. Gbólóhùn "mo máa ń ya fọ́tò yìí fún ọ" ló so ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Bí o bá kọ́ wọn tán, tí o wá kọ "ẹ wá gba ọjọ́" lásán, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun mẹ́ta tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, ìyà ló kọ́ mi. Nígbà kan "eélòó ni?" nìkan ni mo ń rí. Bí mo bá dárúkọ iye, wọ́n á dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ojú kan ni tàbí márùn-ún, bóyá Bódìjà ni tàbí Ṣakí. Líǹkì WhatsApp tí mo ṣe báyìí ti kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ fún wọn; wọ́n kàn máa dí àlàfo ni:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Ojo:%20%20Adugbo:%20%20Iye%20oju:
```

Nọ́ńbà rẹ ni yóò rọ́pò àwọn X, láìsí òdo tó ṣíwájú, láìsí àmì ìròpọ̀. `%20` ni àlàfo. Má fi líǹkì yìí sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò o, kò ṣeé tẹ̀ níbẹ̀. Apá tí Instagram pè ní `Bio` ni kó wà. Fi fóònù ẹlòmíràn dán an wò kí o tó gbé fídíò jáde.

Bí ìyàwó bá sì wá tìtorí fídíò yẹn, ya fọ́tò náà fún un lóòótọ́. Èyí tó dé gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ mi, òun fúnra ẹ̀ ló rán mi létí: "Àǹtí, ẹ ò tíì pa iná o."