Omi tó ń dì nínú fíríísà kò rú òfin ẹ́ńtírọ́pì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n kọ́ wa pé ẹ́ńtírọ́pì ni rúdurùdu, àti pé kì í dínkù láé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé omi sínú fíríísà, ó ń dì, mólékù rẹ̀ sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí mo bá tún yàrá mi ṣe, rúdurùdu ibẹ̀ náà á dínkù. Ibo ni òfin yẹn wá wà?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n kọ́ yín kù díẹ̀ kó pé. Ẹ́ńtírọ́pì nǹkan kan lè dínkù dáadáa. Èyí tí kì í dínkù ni àpapọ̀ tirẹ̀ àti ti gbogbo ohun tó ń bá a pààrọ̀ ooru. Omi yín pàdánù ẹ́ńtírọ́pì lóòótọ́ bó ṣe ń dì, ṣùgbọ́n ohun tó yí i ká nínú fíríísà gba iye tó ju èyí tó pàdánù lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ooru Q bá wọ inú nǹkan tí ìgbóná rẹ̀ dúró sójú kan ní T, ẹ́ńtírọ́pì rẹ̀ á fi Q/T lé sí i. Bí ooru bá jáde, iye bẹ́ẹ̀ ló máa dínkù. Kẹ́lífíìnì la fi ń wọn T níbí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi 273 kún iye Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á máa fi òdo pín nǹkan, ìṣirò rẹ̀ á sì dàrú.

Ẹ mú omi píọ̀ wọ́tà méjì, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 1, tó ti tutù dé dígírì 0. Kó tó lè dì tán, ó gbọ́dọ̀ tú 334,000 júùlù ooru jáde. 334,000 tí a fi 273 pín jẹ́ 1,223. Iye júùlù fún kẹ́lífíìnì tí omi pàdánù nìyẹn. Inú fíríísà wà ní dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo, ìyẹn kẹ́lífíìnì 255. Ooru kan náà ló wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n 255 la máa fi pín in, èyí sì jẹ́ 1,310. Àpapọ̀ fi 87 lé sí i, omi sì dì.

Ẹ wá gbé omi kan náà síbi tó wà ní dígírì 5, ìyẹn kẹ́lífíìnì 278. Bí ó bá dì níbẹ̀, yóò pàdánù 1,223, àyíká rẹ̀ á gba 1,201 péré, àpapọ̀ á sì fi 22 dínkù. Ohun tí òfin kọ̀ gan-an nìyí. Bí ẹ bá gbé omi dídì síbẹ̀, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: àpapọ̀ á fi 22 lé, yóò sì yọ́. Ní dígírì 0 gẹ́lẹ́, ohun tí ẹnì kan gbà àti ohun tí ẹnì kejì pàdánù dọ́gba, ìdí nìyẹn tí omi àti omi dídì fi lè jọ wà níbẹ̀ láìsí pé ọ̀kan ń jẹ èkejì.

Nínú ìṣirò yìí, ẹ ò rí ibi tí a ti wo bí nǹkan ṣe tò. Onímọ̀ físíìsì Ludwig Boltzmann ló jẹ́ ká mọ ohun tí a ń kà: S = k ln W. S ni ẹ́ńtírọ́pì, k sì ni iye kan tí kì í yí padà. W ni iye ọ̀nà tí mólékù lè gbà dúró, tí wọ́n sì lè gbà pín agbára láàárín ara wọn, tí nǹkan náà kò fi ní yàtọ̀ lójú wa. Nínú omi dídì, mólékù kọ̀ọ̀kan so mọ́ mẹ́rin tó yí i ká, ọ̀nà wọn kéré sí ti omi. Níbẹ̀, "rúdurùdu" bá a mu. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ògiri fíríísà tó gba ooru kò rí wúruwùru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí agbára lè gbà pín sáàárín mólékù wọn ló pọ̀ sí i, ojú kò sì lè rí ìyẹn. Ẹni tó bá di rúdurùdu mú yóò ka apá ti omi nìkan, á gbàgbé apá kejì.

Ní ti yàrá yín, k kéré gan-an: 1.38 × 10⁻²³ júùlù fún kẹ́lífíìnì. Bí ẹ bá ní ìwé 50, tí ẹ ka gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò lórí pẹpẹ, ln W á jẹ́ nǹkan bíi 148. Ẹ fi k sọ ọ́ di púpọ̀: 2 × 10⁻²¹. Gíráàmù kan omi dídì tó yọ́ gba 1.22. Kò sí ohun èlò tó lè wọn ti ìwé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ooru kì í ti ìwé kiri bó ṣe ń ti mólékù. Ọwọ́ èèyàn ló ń tú wọn ká. Ara èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ pàápàá ń tú nǹkan bíi 100 júùlù jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 10 to ìwé, ó kéré tán 60,000 júùlù ti wọ afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní kẹ́lífíìnì 300, ẹ́ńtírọ́pì afẹ́fẹ́ náà sì ti fi 200 lé.