Bí a ṣe ń yẹ ìkéde ẹgbẹ́ wò kó tó di àhesọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfowópamọ́ kékeré kan ni mí. Iṣẹ́ ń gbé akápò wa lọ sí ìlú mìíràn, a sì fẹ́ ti ọ́fíìsì fún ọjọ́ mélòó kan ká lè gba ìwé owó lọ́wọ́ wọn fún ẹni tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

"ÌKÉDE PÀTÀKÌ! Nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀, a máa ti ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Alága ti bá akápò sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. A kò yọ wọ́n nítorí owó. Ẹ má san owó fún akápò títí ọ́fíìsì yóò fi ṣí. Ẹ má fòyà, owó yín wà láìséwu. Ìgbìmọ̀."

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀, kí n tó gbé e síta, bóyá àwọn èèyàn máa ṣì í gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn tó léwu jù: "Ẹ má san owó fún akápò títí ọ́fíìsì yóò fi ṣí." Nínú ìwé tiyín, àmì wà lórí "má", kò sì sí ìjà. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í dúró síbi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹnìkan á tún un tẹ̀ sórí fóònù, kò ní fi àmì sí i, yóò sì di "E ma san owo fun akapo titi ofiisi yoo fi si." Ẹ ka ìyẹn sókè. Ẹni tó ti ń gbọ́ fìnrínfìnrín pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ á kà á pé kí òun dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan á kà á pé kí òun máa san án lọ títí ọ́fíìsì yóò fi ṣí. Kò sí èyí tó ṣì í kà nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, tí ọ̀kan ní òun ti san, tí èkejì ní ṣebí wọ́n ní ká má san, ọ̀rọ̀ tó máa jáde ni pé akápò ṣì ń gbowó lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó má gbà á mọ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kan tí ẹ ti yọ gbogbo àmì kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì kà á bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ibi tí àṣẹ bá ti lè yí sí òdìkejì, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àmì, ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ni kí ẹ pààrọ̀. "Ẹ dáwọ́ owó sísan dúró" kò lè di "ẹ san án", ì báà ní àmì tàbí kó má ní. Èmi kì í fi "má" sínú ìkéde tó kan owó rárá bí mo bá ti lè rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà.

Gbólóhùn tó kan ni ti alága àti akápò. Ọ̀wọ̀ ló mú yín kọ "wọ́n", ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ "wọ́n" kan náà là ń lò fún àgbà kan àti fún èèyàn púpọ̀, ẹni méjì lẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ. Ta ló wá fipò sílẹ̀? Ó lè jẹ́ akápò, ó lè jẹ́ alága, ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ti dàrú. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àmì kò lè tún ṣe. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé alága bá akápò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà lẹ sọ pé ẹnìkan fipò sílẹ̀. Bí ohun méjì bá tẹ̀ lé ara wọn báyìí, òǹkàwé á gbà pé èkíní ló bí èkejì, á sì ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé akápò jáde ni. Ẹ yọ alága kúrò nínú gbólóhùn yẹn, kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kí ẹ tún orúkọ oyè pè níbi tí ẹ ti fẹ́ kọ "wọ́n". Ó lè dà bí àsọtúnsọ, ṣùgbọ́n ìkéde kì í ṣe ewì. Ẹ má sì ṣe sọ ọ́ di "ó" láti yanjú rẹ̀, torí àwọn àgbà á bínú, a kò sì tíì mọ ẹni tó jẹ́.

"A kò yọ wọ́n nítorí owó" ṣe é gbọ́ sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé a kò yọ ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé a yọ wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló fà á, nǹkan mìíràn ni. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ má tíì ronú kan owó títí tí ẹ fi dárúkọ rẹ̀. Ẹ pa á rẹ́. Ká ní àhesọ ti wà níta tẹ́lẹ̀ ni, ẹ ó ní láti fèsì, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ máa sọ, láìtún ẹ̀sùn náà pè: "Akápò fúnra wọn ló sọ fún ìgbìmọ̀ pé iṣẹ́ ń gbé àwọn lọ sí ìlú mìíràn."

Ìyẹn gbé wa dé "àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀". Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Leo Postman, ṣàlàyé ní 1947 pé nǹkan méjì ló ń gbé àhesọ ró: bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣe pàtàkì tó fún àwọn tó ń gbọ́ ọ, àti bí kò ṣe dá wọn lójú tó. Wọ́n ní ńṣe ni méjèèjì ń sọ ara wọn di púpọ̀, wọn kì í kàn ro ara wọn pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òfo, àhesọ kò ní rí ẹsẹ̀ dúró lé. Owó táwọn èèyàn tù jọ kò lè ṣàìṣe pàtàkì lójú wọn, nítorí náà ẹ kò lè dín apá yẹn kù. Àìdánilójú nìkan ló wà lọ́wọ́ yín. Nínú ìkéde tiyín, ìdí tó bọ́gbọ́n mu wà, kò sì tini lójú. Ẹ kàn gba àyè lọ́wọ́ akápò kí ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ìdí bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé sọ, bí àìsàn, ó sàn kí ẹ má sọ ìdí kankan ju kí ẹ kọ "àwọn ọ̀rọ̀ kan" lọ. Àwọn kan á ṣì máa méfò, ẹ kò lè dí gbogbo ẹnu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín gbẹ́ ihò náà sílẹ̀.

Ti ọjọ́ kò gùn. "Títí di ọjọ́ Ajé" kò sọ bóyá ọ́fíìsì á ṣí lọ́jọ́ Ajé tàbí kò ní ṣí. Ẹ kọ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn títì àti ọjọ́ ṣíṣí, kí ọjọ́, oṣù àti ọdún hàn. Ọdún ṣe pàtàkì nítorí pé àwòrán ìkéde àtijọ́ máa ń padà yọjú, ẹni tó bá sì rí i láìsí ọdún lórí rẹ̀ á rò pé akápò tún ti lọ. Ẹ yẹra fún "láàárín ọjọ́ mẹ́jọ", torí àwọn àgbà á ka òní mọ́ ọn, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la.

"Ẹ má fòyà, owó yín wà láìséwu" kò sọ nǹkan kan tí èèyàn lè yẹ̀ wò. Ohun tó ń fi ọkàn balẹ̀ ni ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ fojú ara rẹ̀ rí: ta ló ń yẹ ìwé wò, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ka àbájáde rẹ̀ sí etí gbogbo èèyàn, ṣé àkáǹtì náà ti yí padà, kí ni ti ẹni tó sanwó ní alẹ́ àná. Bí ẹ bá kọ ìwọ̀nyí, ẹ lè yọ "ẹ má fòyà" pátápátá.

Pẹ̀lú àwọn ọjọ́ tí mo kàn mú fi ṣe àpẹẹrẹ, ó lè wá rí báyìí:

"Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yóò wà ní títì láti ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹta 2026, títí di òpin ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta 2026, yóò sì ṣí padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta 2026, ní aago 9 àárọ̀. Akápò wa ń kó lọ sí ìlú mìíràn nítorí iṣẹ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, akápò yóò fa ìwé owó lé akápò tuntun lọ́wọ́, lójú ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́. Ẹ dáwọ́ owó sísan dúró títí di òpin ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta 2026. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akápò tuntun ni yóò máa gba owó. Àkáǹtì ẹgbẹ́ kò yí padà. Rìsíìtì tí ẹ gbà ṣáájú ọjọ́ Ẹtì ṣì wúlò. Ayẹ̀wéwò yóò ka àbájáde ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹta 2026, ní aago 10 àárọ̀. Akọ̀wé ni kí ẹ bi ní ìbéèrè. Akọ̀wé ló kọ ọ́, lórúkọ ìgbìmọ̀, 2 oṣù Kẹta 2026."

Mo yọ "ÌKÉDE PÀTÀKÌ!" náà. Lórí fóònù, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí kí wọ́n tó ṣí i, ó sì yẹ kí ìlà yẹn ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ sì wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n gé e nìkan ránṣẹ́. "Ẹ dáwọ́ owó sísan dúró" ní ọjọ́ tirẹ̀ lára, nítorí náà kò lè di pé ẹgbẹ́ ti fọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá èèyàn mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀: ẹnìkan tí kì í wá ìpàdé, ẹnìkan tí kò gba tiyín, ẹnìkan tí kì í kàwé púpọ̀, tí wọ́n máa kà á fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gba ìwé náà padà. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó yé yín?" Gbogbo wọn ló máa ní ó yé àwọn. Ẹ bi wọ́n pé: bí ẹ bá fẹ́ sanwó lọ́jọ́ Ajé, kí lẹ máa ṣe? Kí lẹ rò pé ó fà á? Bí aládùúgbò yín bá béèrè, kí lẹ máa sọ fún un? Ìdáhùn sí ìkẹta yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ìkéde náà ṣe máa rí tó bá dé ẹnu kẹta. Bí ẹnìkan nínú wọn bá gbà á sódì, ẹ má ṣàlàyé fún un, ẹ má sì fi gbólóhùn àlàyé kún ìkéde. Gbólóhùn tó ṣì í lọ́nà ni kí ẹ tún kọ, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn tí kò tíì gbọ́ ọ rí láti dán an wò.

Bí ìbéèrè kan náà bá ti ẹnu èèyàn méjì jáde lẹ́yìn tí ìkéde ti lọ síta, ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ kún ìkéde yẹn gan-an, kí ẹ kọ "a tún un ṣe ní" àti ọjọ́ sí òkè, kí ẹ sì fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ níbi gbogbo tí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí. Tí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìkéde kejì lọ́tọ̀, àwọn kan á rí èkejì láìrí èkíní.